Ẹ Ti Ròyìn Tán. Kí Lẹ Ń Bi Ara Yín?

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá nílé ìwé girama ló ti kọ àròkọ ‘Ọjọ́ Mánigbàgbé Kan Nínú Ayé Mi’ rí. A sì mọ bó ṣe máa ń lọ. Àkùkọ kọ, mo jí, mo kí bàbá àti ìyá mi, mo wẹ̀, a wọkọ̀, a dé ọ̀hún, wọ́n fún wa ní ìrẹsì, ilẹ̀ ṣú, a padà sílé. Olùkọ́ á fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ àmì ohùn tí a gbàgbé, á sì fún wa ní máàkì. Àròkọ oníròyìn ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tí wọ́n sì fẹ́ kó ṣe kò ju pé kí ọmọ mọ bí a ṣe ń to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀léra láìdàrú. Ó wúlò fún ìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ kọ nípa ìrírí ara wọn, ìbáà ṣe fún ìwé ìròyìn, fún ìdíje, tàbí fún àwọn ọmọ wọn, kò tíì kúrò nídìí àkùkọ yẹn. Wọ́n ti dàgbà, ojú wọn ti rí nǹkan, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní kí wọ́n sì máa bọ̀ títí dé ọjọ́ òní. Òǹkàwé tí kì í ṣe ẹbí wọn á ka ojú ìwé méjì, á sì gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìtàn náà burú. Kò rí ohun tí òǹkọ̀wé ń wá nínú rẹ̀ ni, nítorí náà òun náà kò mọ ohun tí òun ó bá a wá.

Ohun tó ń sọ ìròyìn di àròjinlẹ̀ ni ìbéèrè kan, ẹyọ kan péré, tí òǹkọ̀wé ń bi ara rẹ̀ tọkàntọkàn, tí kò sì tíì mọ ìdáhùn rẹ̀ nígbà tó mú kálàmù. Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń rí ìbéèrè yẹn, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó lè gbé àròkọ dúró yàtọ̀ sí èyí tí kò lè gbé e, ni mo fẹ́ sọ níbí.

Obìnrin aránṣọ kan kọ nípa àwọn ọdún tó fi kọ́ṣẹ́, ó sì ní kí n bá òun wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó sọ bí òun ṣe ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tí òun ń fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, tí òun ń tú òwú, tí òun ń gán bọ́tìnnì. Ó sọ bó ṣe jẹ́ pé orí bébà sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ gígé bùbá, kí ọ̀gá tó gbà kí ọmọṣẹ́ fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà. Ó sọ ti léèsì kan tó jó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá kan ọjọ́ ìgbòmìnira, àwọn ìlù, àwọn aṣọ ẹbí, fọ́tò tí wọ́n yà. Lẹ́yìn náà ló ra maṣíìnì tirẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọmọṣẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó parí.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó ta kókó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó gbà àti ọ̀rọ̀ iye tó ra maṣíìnì. Ó ti kọ́kọ́ fi ìpínrọ̀ odidi kan sọ bí ọ̀gá òun kì í ṣeé jẹ́ kí ọmọṣẹ́ jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, bí ẹsẹ̀ òun ṣe máa ń wú, bí òun ṣe máa ń búra lọ́kàn pé òun kò ní ṣe irú rẹ̀ fọ́mọ ọlọ́mọ láé. Nígbà tó wá kan ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó kọ ọ́ báyìí pé àwọn ọmọṣẹ́ òun náà kì í jókòó lówùúrọ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sáré kọjá, ó lọ bá owó maṣíìnì.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni àròkọ náà wà. Gbogbo ìyókù jẹ́ ọ̀nà tó fi débẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ló ti yẹ kó mú ìbéèrè rẹ̀ dání. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Inú ohun tí a kọ́kọ́ kọ, tó rí játijàti, ni ìbéèrè máa ń fara pamọ́ sí, ó sì ní ibi tó fẹ́ràn láti máa sá sí. Ó fẹ́ràn ibi tí gbólóhùn méjì ti ń bára wọn jà tí òǹkọ̀wé kò sì fura, bí èyí tí mo sọ tán yìí. Ó fẹ́ràn ibi tí a ti fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣòfò lórí ohun kékeré: bí ènìyàn bá fi odidi ojú ìwé ṣàpèjúwe àwo tí bàbá rẹ̀ fi ń jẹun, nígbà tó jẹ́ pé ìlà kan ló fi sọ ti ìyàwó tí bàbá náà lé lọ, àwo yẹn mọ nǹkan. Ó sì fẹ́ràn ibi tí a ti fò. Bí ẹ bá ń ka ohun tí ẹ kọ, tí ẹ rí i pé ọdún mẹ́ta kọjá láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, ẹ dúró kí ẹ bi ara yín pé kí lẹ ń sá fún.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ bó ṣe wá. Ẹ jẹ́ kí àkùkọ kọ bó bá wù ú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ mú báírò tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ máa wá àwọn ibi tí mo dárúkọ yìí, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ wọn. Ọ̀kan tàbí méjì ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá rí mẹ́wàá, àròkọ mélòó kan lẹ dà pọ̀ mọ́ra.

Rírí ibẹ̀ nìkan kò tó. Mo bi obìnrin aránṣọ yìí pé kí ni òun gan-an fẹ́ mọ̀ nínú gbogbo ohun tó kọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ṣé ó dáa kí ọ̀gá máa fìyà jẹ ọmọṣẹ́ ni.” Ìbéèrè gidi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún irú àròkọ yìí. Àríyànjiyàn ni. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rí lè dáhùn rẹ̀, ìdáhùn tirẹ̀ sì ti wà lápò rẹ̀ kó tó béèrè. Bó bá fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀, gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ á kàn di àpẹẹrẹ tí wọ́n mú wá sínú ìjiyàn.

Ó tún un mú. “Kí ló mú kí ọ̀gá mi rorò tó bẹ́ẹ̀?” Èyí ti sún mọ́lé díẹ̀, nítorí ènìyàn kan ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló lè dáhùn rẹ̀, ọ̀gá kò sì sí níbẹ̀. Irú ìbéèrè báyìí, tí ẹlòmíràn jẹ́ olùdáhùn rẹ̀, máa ń sọ àròkọ di ìwé ìfisùn. Òǹkọ̀wé á máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí kò sí nílé, òun fúnra rẹ̀ á sì dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Ẹ lè mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá ń kà á: gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe tó wúwo á jẹ́ ti ẹlòmíràn, tiyín kò ní ju ‘mo sunkún’, ‘mo fara dà á’.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dára lójú jù, òun náà ló sì léwu jù. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́ níbẹ̀?” Àwa tí a gba àlọ́ nílé, tí a ń retí kí wọ́n sọ ohun tí ìtàn ìjàpá kọ́ wa kí a tó lọ sùn, ìbéèrè yìí kì í nira fún wa. Ìdáhùn rẹ̀ á ti hó sílẹ̀: sùúrù, ìfaradà, iṣẹ́ lòògùn ìṣẹ́. Nítorí pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ yòówù tí kò bá bá a mu, òǹkọ̀wé á sọ ọ́ nù láìmọ̀. Obìnrin yìí, bó bá fi sùúrù ṣe ìdáhùn, kò ní ríbi fi ọ̀rọ̀ ìjókòó sí mọ́, nítorí ẹni tó kọ́ sùúrù kò yẹ kó máa fi ìdúró jẹ ọmọ ọlọ́mọ níyà.

Mo wá fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn tí mo fàlà sí. Ó kà á. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ ọ́ lọ́rọ̀ ara rẹ̀ pé: “Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ohun tí mo kórìíra jù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, òun náà ni mo wá ń ṣe fún àwọn ọmọ yìí?” Mo ní kó dáhùn. Ó ní ó fẹ́ kí wọ́n mọṣẹ́ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n ni. Kò tíì dákẹ́ tó fi ní kì í tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, inú ló máa ń bí òun bí òun bá rí wọn ní ìjókòó, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ìdáhùn méjì jáde lẹ́nu ènìyàn kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan kò sì lè pa èkejì. Bí ẹ bá gbọ́ irú ìyẹn lẹ́nu ara yín, ẹ ti rí ìbéèrè yín.

Ẹ wo ohun tó mú un yàtọ̀ sí mẹ́ta ìṣáájú. Òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀sùn, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Kò mọ ìdáhùn. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí i nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Bí ẹ bá yọ ìgbésí ayé rẹ̀ kúrò, ìbéèrè náà kò sí mọ́. Ó tún kéré. Kò béèrè ohun tí ìyà jẹ́ láyé, ọ̀rọ̀ ìjókòó àti ìdúró nínú ṣọ́ọ̀bù kan ló ń béèrè. Ìbéèrè tó bá tóbi bí ‘kí ni ìfẹ́?’ tàbí ‘kí ni ayé ja mọ́?’ kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun kan pàtó gbá mú.

Ẹ jẹ́ kí n mú àròkọ kan tó lókìkí kí ọ̀rọ̀ yìí lè túbọ̀ yé wa. Lọ́dún 1936, George Orwell, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àròkọ kan jáde nípa erin kan tí a yìnbọn pa ní ilẹ̀ Bọ́mà. Orwell ti ṣe ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn níbẹ̀ láti 1922 sí 1927, ṣáájú kí àwọn bàbá wa kan tó lọ jagun lórí ilẹ̀ yẹn kan náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bí a bá fi ojú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wò ó, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá nípa erin kan tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́, tó ti já ṣẹ́ẹ̀nì. Erin náà pa ọkùnrin kan. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n bá òun yá ìbọn ńlá wá. Ó bá erin náà nínú oko, ó yìn ín níbọn, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí erin náà tó kú.

Ìyẹn nìkan kò lè jẹ́ kí a ṣì máa ka àròkọ náà títí dòní. Ohun tó gbé e dúró ni pé nígbà tí ọlọ́pàá yìí fi máa débẹ̀, erin ti rọlẹ̀, koríko ló ń jẹ jẹ́jẹ́. Kò fẹ́ pa á. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun pa á, nítorí erin tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ owó ńlá fún ẹni tó ni ín. Síbẹ̀ ó yìn ín. Kí ló dé? Gbogbo ohun tó wà nínú àròkọ náà ló ń dojú kọ ìbéèrè yìí. Àwọn èrò tó tẹ̀ lé e, tí wọn kò dín ní ẹgbẹ̀rún méjì, kì bá má gbà ju ìlà kan lọ nínú ìròyìn lásán. Ṣùgbọ́n Orwell ń padà sọ́dọ̀ wọn léraléra, ó ń wo ojú wọn, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ìdáhùn wà: òyìnbó tó gbé ìbọn jáde níwájú èrò kò gbọ́dọ̀ yí padà kí wọ́n má baà fi í rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ ohun kan tí kò buyì kún un rárá, pé inú òun dùn pé erin náà ti pa ènìyàn, nítorí ìyẹn mú òun jàre lójú òfin. Ẹni tó ń ròyìn lásán kò ní rántí kọ irú ìyẹn. Ẹni tó ń wá ìdáhùn kò lè fi í sílẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ bí òun ṣe wọkọ̀ ojú omi dé Bọ́mà, tàbí irú ẹni tí àwọn òbí òun jẹ́. Odidi ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ kan ló sì mú nínú rẹ̀. Ìbéèrè ló bá a ṣà á.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ tàwọn wúwo ju èyí lọ, pé ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo ti James Baldwin, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ kú ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1943. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n bí ọmọ ìkẹyìn bàbá náà. Ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ni wọ́n ṣe ètò ìsìnkú rẹ̀, ọjọ́ náà ni Baldwin pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní Harlem, àdúgbò wọn, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ikú, ìbí, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú àti rògbòdìyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá tó láti sọ ọ̀rọ̀ di àròkọ, èyí tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Baldwin tẹ àròkọ rẹ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé ní 1955, ohun tó ń bi ara rẹ̀ kò jẹ mọ́ bí ìsìnkú ṣe lọ. Ìkorò inú tó jẹ bàbá òun run ti ń wọ inú òun náà, kí ni òun ó fi ṣe? Torí ìbéèrè yìí ló ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú bàbá rẹ̀ láàárín àròkọ náà, tó lọ ròyìn bí òun ṣe ju ife omi lu dígí nílé oúnjẹ kan tí wọn kò ti fẹ́ ta oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú. Nínú ètò ọjọ́, ibẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìsìnkú. Nínú ètò ìbéèrè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù.

Mo padà sórí aránṣọ wa. Ní báyìí tó ti mọ ohun tó ń wá, ó ní láti tún gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ pè bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù, kó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìjókòó. Èyí tí kò bá mọ nǹkan kan kó máa lọ sílé. Ọjọ́ ìgbòmìnira, tó jẹ́ ibi tó kọ dáadáa jù, kò mọ nǹkan kan. Ó dùn ún púpọ̀, ó yọ ọ́. Ìwé àdéhùn dínkù sí ààbọ̀ gbólóhùn. Owó maṣíìnì kúrò pátápátá.

Ọ̀rọ̀ léèsì tó jó, tó ti fi ìlà mélòó kan sọ tẹ́lẹ̀, wá tóbi sí i. Ẹ wò ó bó ṣe kọ ọ́ nígbà kejì. Ọ̀gá jáde lọ ra òwú. Ó fa àpótí kékeré kan sábẹ́ tábìlì, ó jókòó, ó ń lọ léèsì oníbàárà. Oorun gbé e lọ bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Òórùn ló jí i. Nígbà tó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ẹnu rẹ̀ ti ya ara rẹ̀ sára aṣọ náà. Ọ̀gá dé, ó wo léèsì, ó wo àpótí, kò sì bú u nítorí léèsì. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà jáde sí ìta. Ó ní, “Èyí ló jó aṣọ.”

Bí obìnrin yìí ṣe ń kọ ọ́ ló rí i pé ẹ̀rí náà gbè sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ìjókòó mú oorun wá lóòótọ́. Bó bá jẹ́ ìwé ìfisùn ló ń kọ, kì bá ti fi í síbẹ̀. Ó tún rántí pé nígbà tí ibà ń ṣe òun, ọ̀gá yìí kan náà ló wọ́ àga tirẹ̀ wá fún òun. Èyí náà wọlé. Ó wá kan ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ìsinsìnyí, ọmọbìnrin kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí n jókòó díẹ̀,” tó sì dá a lóhùn pé kò sí ìjókòó. Ó ń kọ ọ́ lọ ló rántí pé oníbàárà méjì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọmọ náà jókòó.

Ìbéèrè rẹ̀ sì yí padà lábẹ́ kálàmù rẹ̀. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ kì í ṣe ìdí tí òun fi ń ṣe bí ọ̀gá òun mọ́. Ta ni mò ń fi ìdúró àwọn ọmọ yìí hàn? Kò ka Orwell rí láyé rẹ̀.

Irú ìyípadà yìí ni mo máa ń wò bóyá ìbéèrè kan lẹ́mìí. Ìbéèrè tó bá wà ní ìparí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé òǹkọ̀wé kò rí nǹkan kan lójú ọ̀nà, tàbí pé ó ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ tó ń díbọ́n. Kò pọn dandan kí àròkọ dáhùn rẹ̀ tán. Ó yẹ kó gbé e kúrò níbi tó wà ni.

Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ìbéèrè náà sí. Bí ẹ bá gbé e sí gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an, ó máa ń dún bí ìbéèrè ìdánwò. Ó sàn kí òǹkàwé kọ́kọ́ rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kí òun fúnra rẹ̀ rí ohun tí kò bára mu níbẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ tilẹ̀ lè má kọ ọ́ rárá, bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti gbé e hàn. Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni kí a to ìbéèrè jọ bí ẹni ń ka ewì, ta ló mọ ọ̀la, kí ni ọmọ ènìyàn, ta ni ó là á. Àwọn ìbéèrè tí kò retí ìdáhùn nìyẹn. Wọ́n dùn ún gbọ́, wọn kì í gbé ẹrù.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá ohun tí ẹ kọ ṣì jẹ́ ìròyìn, kò sì gba àkókò. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan. Bí ẹ bá rí ‘lẹ́yìn náà’, ‘nígbà tó di ọjọ́ kejì’, ‘kò pẹ́ kò jìnnà’, láti òkè dé ìsàlẹ̀, aago ló so ọ̀rọ̀ yín pọ̀. Ẹ gbìyànjú láti fi ‘ṣùgbọ́n’, ‘síbẹ̀’ tàbí ‘ìyẹn ló fà á tí’ rọ́pò wọn. Níbi tó bá ti gbà, èrò wà níbẹ̀. Níbi tó bá ti kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpínrọ̀ náà má ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tì yín sí òdìkejì, kí ẹ wá máa ronú láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti ka àwọn kan tó jẹ́ pé láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìparí, ẹnì kankan kò ṣí ilẹ̀kùn, ẹnì kankan kò sọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé kàn ń rò ni. Ìwàásù nìyẹn, kò sì ní ohun tí òǹkàwé lè fi yẹ èrò náà wò. Bí kò bá sí àpótí tí ọ̀gá fi ẹsẹ̀ tì jáde, ohun yòówù tí aránṣọ yìí bá sọ nípa ìyà àti àṣẹ, a kàn ní láti gbà á gbọ́ ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn bá kọ nípa ara rẹ̀ ló nílò ìbéèrè. Bí bàbá àgbàlagbà bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, ẹni tó ta ilẹ̀ àti ibi tí ààlà wà, kó kọ ọ́ tẹ̀léra bó ṣe rí, kó má fi èrò kankan bò ó mọ́lẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ náà níyì tirẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ kì í wá ẹ̀rí tì nígbà tí ìbéèrè bá dé. Àwọn ìbéèrè kan sì wà tó jẹ́ pé àṣírí ẹlòmíràn ni ìdáhùn wọn. Ẹ lè kọ ìyẹn kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí.

Bí ẹ bá ní àròkọ kan nílé tí ẹ ti kọ tán, tó sì ń ṣe yín bíi pé kò dé ibì kan, ẹ gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wá gbólóhùn tí ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀ jù. Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sẹ́yìn ìwé náà láti inú rẹ̀, kí ‘èmi’ wà nínú rẹ̀, kí ìdáhùn rẹ̀ má sì sí lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó fi ìlà kan kún un, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tí kò mọ nǹkan kan nípa ìbéèrè náà, ìbáà jẹ́ òun ni ẹ kọ dáadáa jù.